Ohun tó ya 47.5 kúrò lára 44.9: àárín ìsọ̀rí nínú àtẹ àti ìpíndọ́gba rẹ̀

*Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo bi 50 ènìyàn ní ọ́fíìsì wa ní Màrínà pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n fi ń ti ilé dé ibi iṣẹ́, nítorí ọ̀gá wa fẹ́ ṣètò bọ́ọ̀sì. Mo kó ìdáhùn wọn sí ìsọ̀rí 20–29, 30–39, títí dé 70–79. Mo lo àárín ìsọ̀rí, ìpíndọ́gba tí mo sì rí jẹ́ ìṣẹ́jú 47.5. Àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ro ìdáhùn 50 náà pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rí 44.9. Ta ló ṣìṣe nínú àwa méjèèjì? Àbí 25 ló yẹ kí n lò fún 20–29 dípò 24.5? Àtẹ mi àti gbogbo ìdáhùn náà wà nínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́.*

Kò sí ẹni tó ṣìṣe nínú yín. Mo tún ìṣirò yín ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì péye. Mo ro ìdáhùn 50 náà pọ̀ pẹ̀lú, 2245 ni mo rí, èyí tí a bá pín sí ọ̀nà 50 yóò fún wa ní 44.9 bí àbúrò yín ṣe wí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 2.6 tó wà láàárín yín wá láti orí nọ́ńbà tí ẹ fi ṣe àárín ìsọ̀rí, ẹ sì ti súnmọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nígbà tí ẹ béèrè bóyá 24.5 ni àbí 25. Ìdáhùn mi ni pé, fún irú ìdáhùn tí ẹ gbà yìí, kì í ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. 22.5 ló yẹ ìsọ̀rí yẹn, màá sì ṣe àlàyé ìdí rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé àtẹ yín kalẹ̀, kí àwọn òǹkàwé mìíràn lè máa fojú bá wa lọ:

| Ìsọ̀rí (ìṣẹ́jú) | Iye ènìyàn (f) | Àárín ìsọ̀rí (x) | fx |
|---|---|---|---|
| 20–29 | 5 | 24.5 | 122.5 |
| 30–39 | 11 | 34.5 | 379.5 |
| 40–49 | 14 | 44.5 | 623 |
| 50–59 | 7 | 54.5 | 381.5 |
| 60–69 | 10 | 64.5 | 645 |
| 70–79 | 3 | 74.5 | 223.5 |
| Àpapọ̀ | 50 | | 2375 |

```
x̄ = Σfx / Σf = 2375 / 50 = 47.5
```

Ọ̀nà kan wà tí mo fi yẹ irú ìṣirò báyìí wò láì tún ìsọdipúpọ̀ gígùn ṣe. Mo mú àárín ìsọ̀rí kan tó wà láàárín àtẹ, mo mú 44.5, mo sì pè é ní òdo. Ìsọ̀rí tó wà lókè rẹ̀ nínú àtẹ di −1, èyí tó tún wà lókè ìyẹn di −2, àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ sì di 1, 2 àti 3. Mo wá fi iye ènìyàn sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di púpọ̀: −10, −11, 0, 7, 20 àti 9, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 15. Ní ìpíndọ́gba, 15 tí a pín sí ọ̀nà 50 jẹ́ 0.3 ìsọ̀rí, ìsọ̀rí kan sì fẹ̀ tó ìṣẹ́jú 10, nítorí náà a ó fi ìṣẹ́jú 3 kún 44.5, yóò sì di 47.5. Bí ọ̀nà méjèèjì bá ti fẹnu kò báyìí, a lè gbàgbé nípa àṣìṣe ọwọ́, kí a sì wá ibi tí ìyàtọ̀ ti wá gan-an.

Nígbà tí ẹ kọ 60–69 tí ẹ sì kọ 10 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdáhùn ènìyàn mẹ́wàá ti pa rẹ́ nínú àtẹ. Ẹni tó bá rí àtẹ náà nìkan mọ̀ pé ènìyàn mẹ́wàá ló wà níbẹ̀, kò sì mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fífi 64.5 dúró fún wọn kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn lo ìṣẹ́jú 64.5. Ohun tí a ń sọ kéré sí ìyẹn: a ń sọ pé tí a bá ro àkókò àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pọ̀, yóò tó 645. Ẹni tó lo 61 dín, ẹni tó lo 68 lé, àwọn méjèèjì pọ̀ jẹ́ 129, èyí tó jẹ́ 64.5 lọ́nà méjì gẹ́lẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó dín àti àwọn tó lé bá ń dí àlàfo ara wọn, àárín ìsọ̀rí ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sí lórí àárín náà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìdáhùn àwọn mẹ́wàá wọ̀nyẹn nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Àwọn mẹ́sàn-án sọ pé 60, ẹnì kan sọ pé 65. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 605, kì í ṣe 645. Àtẹ ti fi ìṣẹ́jú 40 kún un fún àwọn ènìyàn mẹ́wàá yìí nìkan. Mo ṣe bákan náà fún ìsọ̀rí tó kù. Ní 20–29, àtẹ fi 7.5 lé e. Ní 30–39, ó fi 29.5 lé e; ní 40–49, ó jẹ́ 23; ní 50–59, ó jẹ́ 21.5, ní 70–79, ó jẹ́ 8.5. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ 40 ti àkọ́kọ́, 130 ni, 130 tí a sì pín sí ọ̀nà 50 jẹ́ 2.6. Gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀yin àti àbúrò yín nìyẹn, kò ku ẹyọ kan.

Ohun tó yẹ kí a fiyè sí níbẹ̀ ni pé ìsọ̀rí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló lé, kò sí èyí tó dín. Bí iṣẹ́ yìí ṣe máa ń rí kọ́ nìyẹn. Nínú àtẹ tí iye ènìyàn ń gòkè títí dé ibì kan kí ó tó tún máa sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìdáhùn tó wà ní apá ìgòkè sábà máa ń fì sí òkè ìsọ̀rí wọn, nítorí ibẹ̀ ni èrò ń pọ̀ sí, àwọn tó wà ní apá ìsọ̀kalẹ̀ sì máa ń fì sí ìsàlẹ̀ ìsọ̀rí tiwọn. Àṣìṣe apá kan a máa jẹ àṣìṣe apá kejì, ìdí sì nìyẹn tí ìpíndọ́gba tí a fojú dá láti inú àtẹ fi máa ń súnmọ́ òótọ́ ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ. Nígbà tí gbogbo ìsọ̀rí bá wá fì sí ìhà kan náà, kò sí ohun tí yóò jẹ ohun kankan. A ní láti béèrè ohun tó tì wọ́n síbẹ̀.

Ẹnu ènìyàn ló tì wọ́n. Mo ka nọ́ńbà tó parí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín: 31 parí sí 0, 19 parí sí 5, kò sì sí ìdáhùn kan tó parí sí nọ́ńbà mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé aago ni wọ́n ń wò, nínú ìdáhùn 50, nǹkan bí márùn-ún ni ì bá parí sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan láti 0 dé 9. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti Ṣómólú wọ dánfó dé Ọ̀yìngbò, tó wọ òmíràn gba Afárá Kátà kọjá sí Ìdúmọ̀tà, tó wá fi ẹsẹ̀ rìn dé Màrínà, kò ní sọ fún yín pé ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni òun lò. Yóò ní ogójì. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Táàdì Méńláàǹdì dá dúró yóò ní wákàtí kan ni, ẹ̀yin yóò sì kọ 60 sílẹ̀. Èdè wa pàápàá ń ràn án lọ́wọ́, nítorí ogún, ọgbọ̀n, ogójì àti ọgọ́ta jẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú tó dúró fúnra wọn, nígbà tó jẹ́ pé lára wọn ni a ti ń yọ àwọn yòókù tàbí tí a ń fi àwọn yòókù lé. Tí a bá ní márùndínlógójì, ogójì ni a kọ́kọ́ rò kí a tó yọ márùn-ún kúrò.

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìkànìyàn mọ àṣà yìí dáadáa láti inú ọjọ́ orí. Nínú ìkànìyàn orílẹ̀-èdè wa, iye àwọn tó pe ara wọn ní ẹni 30, 40 tàbí 50 ọdún máa ń ga fíofío lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó wà ní 29 àti 31, tàbí 39 àti 41. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà tó rọrùn fún ẹnu ni àwọn ènìyàn ń mú.

Àyẹ̀wò nọ́ńbà ìparí yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣe tí wọ́n bá gbé irú ìwé báyìí wá bá mi, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwé ìdáhùn ló nílò rẹ̀. Àtẹ nìkan kò lè fi í hàn. Tó bá jẹ́ pé àtẹ nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ìbéèrè méjì ló kù: ṣé ẹnu ni wọ́n fi gba ìdáhùn, àbí aago tàbí ohun ìwọ̀n kan? Ṣé orí nọ́ńbà tó rọrùn fún ẹnu ni ìsọ̀rí ti bẹ̀rẹ̀, bíi 20, 30, 40? Bí ìdáhùn sí méjèèjì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fura pé ìpíndọ́gba àtẹ náà ga ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí àwọn ènìyàn yóò ti ṣù jọ sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan.

Ibí ni mo fẹ́ ti padà sí 24.5 àti 25. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ ní ilé-ìwé ni pé kí a ro nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ àti nọ́ńbà ìparí ìsọ̀rí pọ̀, kí a sì pín in sí méjì. Òfin náà dára, mo sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní Yábà àti Súrùlérè ní òfin náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan pamọ́. Kì í ṣe àárín ohun tí a kọ sórí ìwé ni a ń wá. Àárín ibi tí ìsọ̀rí náà gbà ní tòótọ́ ni a ń wá, ibi tí ó sì gbà dúró lórí bí a ṣe sọ àkókò di odidi nọ́ńbà kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ká ní aago ni àwọn ènìyàn yín wò, tí wọ́n sì sọ àkókò wọn ní ìṣẹ́jú tó súnmọ́ ọn jù lọ. Ẹni tó lo ìṣẹ́jú 19 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 yóò sọ pé 20, ẹni tó lo ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 20 yóò sì sọ pé 29. Ìsọ̀rí 20–29 yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti 19.5 títí dé 29.5, àárín rẹ̀ yóò sì jẹ́ 24.5. Òfin ilé-ìwé ti fún wa ní ìdáhùn tó tọ̀nà.

Ká ní ọjọ́ orí ni ẹ béèrè. Ẹni tó ti pé ọdún 29 tó ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé 30 ṣì ń jẹ́ ẹni ọdún 29. Kò sí ẹni tó ń ka ọdún tí kò tíì pé mọ́ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ìsọ̀rí 20–29 yóò wá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ènìyàn pé ogún ọdún gẹ́lẹ́, yóò sì parí ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó pé ọgbọ̀n, àárín rẹ̀ yóò sì jẹ́ 25. Ìdí nìyẹn tí 2.5 fi jẹ́ àárín ìsọ̀rí àwọn ọmọdé 0–4 nínú àtẹ ọjọ́ orí, tí kì í ṣe 2. Nítorí náà 25 tí ẹ béèrè nípa rẹ̀ kì í ṣe èrò òfìfo. Ibòmíràn ló ti wúlò. Tí ẹ bá lò ó nínú àtẹ yín, gbogbo àárín ìsọ̀rí yóò fi 0.5 ga sí i, ìpíndọ́gba yóò sì di 48.0, yóò tún jìnnà sí 44.9 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdáhùn tiyín kò sí nínú ọ̀kan nínú oríṣi méjì wọ̀nyí. Ohun tí àwọn ènìyàn yín ṣe ni pé wọ́n fa àkókò wọn súnmọ́ nọ́ńbà márùn-ún-márùn-ún. Ẹni tó sọ pé 20 lè ti lo 18 tàbí 22. Ẹni tó sọ pé 25 lè ti lo 23 tàbí 27. 20 dúró fún ohunkóhun láti 17.5 dé 22.5, 25 sì dúró fún ohunkóhun láti 22.5 dé 27.5. Kò sí ìdáhùn mìíràn tó lè bọ́ sínú ìsọ̀rí 20–29 ju méjì yìí lọ, nítorí ẹni tó lo ìṣẹ́jú 28 tàbí 29 ti sọ pé 30, ó sì ti bọ́ sínú ìsọ̀rí kejì. Nítorí náà, ohun tí ẹ kọ ní 20–29 gba láti 17.5 dé 27.5 ní tòótọ́. Àárín rẹ̀ jẹ́ 22.5.

Bákan náà ni yóò ṣe rí ní ìsọ̀rí yòókù: 32.5, 42.5, 52.5, 62.5 àti 72.5. Ẹ kò nílò láti tún ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí àárín ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan fi 2 dín sí èyí tí ẹ lò, ìpíndọ́gba náà yóò sì fi 2 dín. 47.5 yóò di 45.5. Iye ènìyàn tó wà nínú ìsọ̀rí kò yí padà, ohun tí a mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe sọ̀rọ̀ nìkan ni a fi kún un, ìyàtọ̀ tó jẹ́ 2.6 sì ti di 0.6.

Mo fẹ́ sọ ibi tí 0.6 tó kù ti wá, kí ó má baà dà bíi pé mo fi í pamọ́. 22.5 gbà pé àwọn tó sọ pé 20 àti àwọn tó sọ pé 25 dọ́gba ní iye. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí: 31 ló parí sí 0, 19 péré ló parí sí 5. Àwọn tó parí sí 0 fi 2.5 wà nísàlẹ̀ àárín ìsọ̀rí wọn, àwọn tó parí sí 5 sì fi 2.5 wà lókè rẹ̀. Àwọn 12 tó lé ni kò rí ẹni tí yóò dí àlàfo wọn. 12 lọ́nà 2.5 jẹ́ 30, 30 tí a sì pín sí ọ̀nà 50 jẹ́ 0.6. Àwọn mẹ́sàn-án tó sọ pé wákàtí kan ló pọ̀ jù nínú ìyẹn, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní 65 láti bá wọn dọ́gba.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ dín ìsọ̀rí kù, kí ẹ lo ìṣẹ́jú 5 dípò 10. Èmi náà ti gba èrò yẹn gbọ́ rí, nítorí òótọ́ ni pé bí ìsọ̀rí bá ṣe kéré tó ni àyè àṣìṣe ṣe ń kéré tó. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò pẹ̀lú ìwé yín. Tí ẹ bá lo 20–24, 25–29, 30–34 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, àárín wọn yóò jẹ́ 22, 27, 32. Gbogbo ẹni tó wà ní 20–24 ló sọ pé 20, gbogbo ẹni tó wà ní 25–29 ló sọ pé 25. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn 50 tí àtẹ kò fi ìṣẹ́jú 2 kún tirẹ̀, ìpíndọ́gba yóò sì jẹ́ 46.9. Ẹ ti sọ iṣẹ́ náà di ìlọ́po méjì, 0.6 péré ni ẹ jèrè. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ìsọ̀rí ìṣẹ́jú 5 yẹn kan náà bẹ̀rẹ̀ láti 18, kí ó di 18–22, 23–27, 28–32, nọ́ńbà tí àwọn ènìyàn ń sọ yóò bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́, ìpíndọ́gba yóò sì jẹ́ 44.9 láì lé, láì dín. Fífẹ̀ kan náà ni, ibi tí ìsọ̀rí ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀.

Fún ìdí yìí, nígbàkígbà tí mo bá ń kó ìdáhùn ẹnu jọ, mo máa ń rí i pé nọ́ńbà tó dùn mọ́ ènìyàn lẹ́nu jìnnà sí ààlà ìsọ̀rí. Ojú lè má gba 18–27 bó ṣe gba 20–29, kò sì rẹwà lórí ìwé, ṣùgbọ́n òun ni mo yàn, ẹ sì lè kà á: àárín 18 àti 27 jẹ́ 22.5, nọ́ńbà kan náà tí a rí lókè.

Bí ẹnì kan bá gba àtẹ àkọ́kọ́ yín láì rí ìwé ìdáhùn, ohun kan ṣì wà tó lè sọ ní ìdánilójú. Kí gbogbo ènìyàn wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìsọ̀rí wọn, kí 30–39 jẹ́ 30 fún gbogbo àwọn 11, ìpíndọ́gba yóò fi 4.5 dín sí 47.5, yóò jẹ́ 43. Kí gbogbo wọn wà ní ìparí ìsọ̀rí, yóò jẹ́ 52. Ìpíndọ́gba ìdáhùn tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò lè jáde kúrò láàárín 43 àti 52, ohun yòówù kí ó ṣẹlẹ̀ nínú ìsọ̀rí. 44.9 ti àbúrò yín wà nínú rẹ̀, ó sì súnmọ́ 43 gan-an, èyí tó bá ohun tí a ti rí mu. Mo gbà pé ó yẹ kí àwọn tó ń gbé irú àtẹ báyìí jáde máa kọ ààlà méjèèjì yìí sí abẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó rí 47.5 nìkan lè rò pé ó dájú dé orí ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú.

Ẹ ṣọ́ra fún ìsọ̀rí tí kò ní ìparí, nítorí irú iṣẹ́ yín sábà máa ń bí i. Bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ fi àwọn tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú àti Ìyànà-Ìpájà kún un, ẹ ó rí i pé ẹ fẹ́ kọ "80 sókè" sí ìsàlẹ̀ àtẹ kí ó lè tán. Kò sí àárín fún irú ìsọ̀rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi 84.5 sí i nítorí pé ìsọ̀rí yòókù fẹ̀ tó 10, ẹni tó lo ìṣẹ́jú 150 yóò di ẹni 84.5, àpapọ̀ yín yóò sì fi 65.5 dín nítorí ẹnì kan ṣoṣo. Níwọ̀n bí ìwé ìdáhùn ṣe wà lọ́wọ́ yín, ẹ ro àwọn ìdáhùn ìsọ̀rí yẹn nìkan pọ̀, kí ẹ pín in sí iye àwọn tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì lo ohun tí ẹ bá rí dípò àárín ìsọ̀rí.

Ní ti èyí tí ẹ ó gbé fún ọ̀gá, ẹ lo ti àbúrò yín. Àfojúdá láti inú àtẹ wà fún ìgbà tí ìdáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò bá sí mọ́, tàbí tí ẹlòmíràn gbé àtẹ nìkan lé wa lọ́wọ́. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé ìdáhùn bá wà, ìwé ìdáhùn ló ni ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ 44.9. Ìpíndọ́gba ohun tí àwọn ènìyàn sọ ni, kì í ṣe ti ohun tí wọ́n lò lójú ọ̀nà, àwọn mẹ́sàn-án tó sì sọ pé wákàtí kan lè ti lo 53 tàbí 67 láì bìkítà. Ẹ kọ ọ́ pé nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ 50 ṣe fẹnu ara wọn sọ. Bí ọ̀gá bá sì fẹ́ mọ ohun tí wọ́n lò gan-an kó tó san owó bọ́ọ̀sì, ẹ fún wọn ní ìwé kékeré fún ọ̀sẹ̀ kan, kí olúkúlùkù kọ aago tó jáde nílé àti aago tó wọ ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì sílẹ̀ bó ṣe rí i lójú fóònù, kí ẹ sì fúnra yín ṣe ìyọkúrò. Nígbà náà 20–29 yóò lè lo 24.5 rẹ̀, nítorí 28 àti 29 yóò wà nínú rẹ̀.